Ogún bàbá níwájú adájọ́: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí bí ìdájọ́ àtijọ́ ṣe ń de ẹjọ́ tuntun

Ọ̀rọ̀ ogún ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ níbi tó pọ̀ jù. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń kọ́kọ́ fojú kan ilé-ẹjọ́, èyí tó sì pọ̀ nínú òfin pípín ogún nílànà ìbílẹ̀ ni ẹ kò ní rí nínú ìwé òfin tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe. Inú ìdájọ́ ló wà.

Kí ló dé tí lọ́yà wa fi ń ka ẹjọ́ àwọn tó ti kú fún adájọ́?

Nítorí pé adájọ́ kò lè dá ẹjọ́ bó ṣe wù ú. Bí ilé-ẹjọ́ tó wà lókè tirẹ̀ bá ti dá ẹjọ́ tó jọ ti yín rí, tó sì ti sọ ohun tí òfin wí lórí rẹ̀, ohun tí wọ́n sọ yẹn ló máa tẹ̀ lé, ì báà dùn mọ́ ọn, ì báà má dùn mọ́ ọn. Lọ́yà tó ń ka ẹjọ́ olóògbé ń sọ fún adájọ́ pé, "Olúwa mi, wọ́n ti dá eléyìí." Lọ́yà kejì á dìde, á ní ẹjọ́ ọ̀hún kò jọ èyí. Láàárín gbólóhùn méjì yìí ni iṣẹ́ lọ́yà pọ̀ sí jù.

Ẹ fún wa ní ẹjọ́ kan tó ṣì ń dè wá títí dòní.

Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole ni mo máa mú. Suberu Dawodu kú ní Èkó ní 1940, kò kọ wíìlì sílẹ̀. Ó fi ọmọ 9 sáyé lọ́dọ̀ ìyàwó 4. Nígbà tó yá, ìjà dé: ṣé iye ìyàwó ni wọ́n máa fi pín ogún ni, àbí iye ọmọ? Bí wọ́n bá pín in ní ìdí-igi, ọ̀nà mẹ́rin ló máa pín sí, ìdí kọ̀ọ̀kan á mú ìdákan nínú mẹ́rin, iye yòówù kí ọmọ tó wà nídìí náà jẹ́. Bí wọ́n bá pín in ní orí-ò-jorí, ọ̀nà mẹ́sàn-án ni, ọmọ kọ̀ọ̀kan á mú tirẹ̀ lọ́gbọọgba.

Adájọ́ Jibowu ló kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà. Ó fara mọ́ orí-ò-jorí, ó ní pípín ní ìdí-igi kò bá ẹ̀tọ́ àti ẹ̀rí ọkàn rere mu. Àwọn tí kò tẹ́ lọ́rùn gbé e lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ìgbà náà, ilé-ẹjọ́ yẹn sì dojú ìdájọ́ Jibowu dé ní 1958. Wọ́n tún gbé e kọjá òkun lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, sọ́dọ̀ Ìgbìmọ̀ Ìdájọ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn àgbà lọ́yà ń pè ní Pírífì Káńsù. Ní 1962, Ìgbìmọ̀ náà fọwọ́ sí ohun tí wọ́n sọ ní 1958.

Ohun tí wọ́n sọ nìyí. Ìdí-igi wà nínú àṣà Yorùbá, kò tíì kú, òun sì ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pín ogún níbi gbogbo, àfi tí àwọn ọmọ bá ń jà lórí iye tó kan kálukú. Tí ìjà bá wà, olórí ẹbí ló ní àṣẹ láti sọ bóyá orí-ò-jorí ni wọ́n máa lò nínú ọ̀ràn tiwọn, ohun tó bá sì sọ ni abẹ gé.

Ẹ kíyè sí i pé ìdájọ́ náà kò sọ pé ìdí-igi dára jù. Ó fi í ṣe ìlànà, ó wá ṣílẹ̀kùn kan sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń tọ́ka sí apá àkọ́kọ́, wọ́n á sì gbàgbé ilẹ̀kùn yẹn.

Báwo ló ṣe máa rí tí ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ lónìí?

Ẹ jẹ́ ká fi ilé kan ṣe é. Bàbá kan kú láì kọ wíìlì. Ìyàwó méjì ló fẹ́, ìbílẹ̀ ló sì fi fẹ́ àwọn méjèèjì. Ìyálé bí ọmọ kan, ìyàwó kejì bí márùn-ún. Wọ́n ta ilé ní 60 mílíọ̀nù náírà. Ní ìdí-igi, ọmọ ìyálé á dá mú 30 mílíọ̀nù, àwọn márùn-ún á mú mílíọ̀nù mẹ́fà mẹ́fà. Ní orí-ò-jorí, mílíọ̀nù mẹ́wàá mẹ́wàá ni. Ẹ ti mọ ẹni tó máa ka ẹjọ́ Dawodu fún adájọ́.

Kí ni lọ́yà àwọn márùn-ún lè ṣe? Kò lè dìde kó ní ìdí-igi kò tọ́. Jibowu ti sọ ọ́, wọ́n sì ti fagi lé e lókè. Adájọ́ Ilé-Ẹjọ́ Gíga kò lè jí i dìde. Ohun tó máa kọ́kọ́ bi àwọn oníbàárà rẹ̀ ni pé: ta ni olórí ẹbí, ṣé ẹ pè é, ṣé ó jókòó sórí ọ̀rọ̀ yìí, kí ló sọ? Bí olórí ẹbí bá ti pè wọ́n jọ, tó gbọ́ ìjà wọn, tó sì ní kí wọ́n pín in lórí-ò-jorí, inú ẹjọ́ Dawodu fúnra rẹ̀ ni ìgbàlà wọn wà. Wọn kò bá ìdájọ́ náà jà, wọ́n gba ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ kọjá. Nítorí náà ni mo fi máa ń sọ pé kí ẹbí kọ ohun tí wọ́n bá sọ nípàdé sílẹ̀, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ẹ̀rí ẹnu lásán lórí ìpàdé ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn máa ń túká tí lọ́yà kejì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi ẹlẹ́rìí léèrè.

Àwọn lọ́yà kan á fẹ́ gba ojú ìwé òfin orílẹ̀-èdè, abala 42, tó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jìyà nítorí bí wọ́n ṣe bí i. Wọ́n á ní abala yẹn kò sí nílẹ̀ nígbà tí wọ́n dá ẹjọ́ Dawodu. Èmi kò fọkàn tán àríyànjiyàn yìí púpọ̀. Ìdí-igi kò fi ọmọ kan sílẹ̀ lófo, ìdí kọ̀ọ̀kan ló sì ń mú dọ́gba. Bí ẹnikẹ́ni bá máa gbà á, àwọn tó wà lókè pátápátá ló yẹ kó jẹ́.

Ilé-ẹjọ́ wo ló ń de èwo?

Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Àbújá ló ń de gbogbo ilé-ẹjọ́ tó kù. Abala 287 nínú ìwé òfin 1999 ló sọ pé gbogbo ènìyàn, gbogbo aláṣẹ àti gbogbo ilé-ẹjọ́ tó wà nísàlẹ̀ ló gbọ́dọ̀ mú ìdájọ́ rẹ̀ ṣẹ. Ilé-Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ló tẹ̀ lé e. Ó ń de àwọn Ilé-Ẹjọ́ Gíga àti gbogbo èyí tó wà lábẹ́ wọn, ó sì ń de ara rẹ̀ pẹ̀lú. Kò lè yí ohùn padà àfi nígbà díẹ̀: tí ìdájọ́ rẹ̀ méjì bá ta kora, tí ọ̀kan nínú wọn kò bá bá ti Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ mu mọ́, tàbí tí wọ́n bá ti dá ẹjọ́ náà láì rántí òfin tàbí ìdájọ́ tó yẹ kó darí wọn.

Adájọ́ Ilé-Ẹjọ́ Gíga kan kì í de èkejì. Ohun tí adájọ́ ní Ìkẹjà sọ lónìí kò de adájọ́ ní Ìbàdàn, kò tilẹ̀ de ẹni tó jókòó sí yàrá kejì ní Ìkẹjà kan náà. Májísíréètì àti kóòtù ìbílẹ̀ ní tiwọn ń tẹ̀ lé ni, ìdájọ́ wọn kì í de ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe ara ẹjọ́ náà.

Kí ni ìdájọ́ tí kì í de adájọ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n tún ń kà fún un?

Ìdájọ́ tó lè tì í lọ́kàn ni. Adájọ́ lè gbà á, ó lè kọ̀ ọ́, ẹnikẹ́ni kò sì ní sọ pé ó ṣẹ̀. Irú rẹ̀ ni ìdájọ́ adájọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti Gánà tàbí ti Íńdíà, àti ohun tí adájọ́ kan kọ nígbà tí òun nìkan yapa sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Pírífì Káńsù fúnra rẹ̀ ti wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Nígbà tí Nàìjíríà di ìjọba olómìnira pátápátá ní 1963, a kò gbé ẹjọ́ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù mọ́. Ohun tí Ìgbìmọ̀ náà bá sọ lẹ́yìn ìgbà yẹn, ìmọ̀ràn ni fún wa.

Ẹnìkan á wá bi mí pé, kí ló dé tí ẹjọ́ Dawodu fi ṣì lágbára, níwọ̀n bó ti jẹ́ pé Lọ́ńdọ̀nù ló parí rẹ̀? Nígbà tí wọ́n dá a ní 1962, ibẹ̀ ni òkè pátápátá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ilé-ẹjọ́ tiwa ti sọ ohun kan náà ní 1958. Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ tòní lè yà kúrò lórí rẹ̀ bó bá rí ìdí. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ kò ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀.

Ṣé gbogbo gbólóhùn inú ìdájọ́ ló ń de ni?

Rárá o, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Ohun tó ń de ni kókó òfin tí ìdájọ́ dúró lé: èyí tó jẹ́ pé bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò, ìdájọ́ náà á wó. Gbogbo ohun tí adájọ́ sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, àsọkún ni. Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n, ó lè jẹ́ ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n kò de ẹnikẹ́ni.

Ẹjọ́ Mojekwu fi èyí hàn dáadáa. Ará Nnewi kan ní ilé sí Ọ̀nítshà lórí ilẹ̀ tí wọ́n ń gbà lábẹ́ àṣà tí wọ́n ń pè ní kola. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọmọ arákùnrin rẹ̀ ní òun ló jogún, nítorí àṣà oli-ekpe gbé e fún ọkùnrin nínú ẹbí tí olóògbé kò bá ní ọmọkùnrin tó wà láàyè. Ní 1997, Adájọ́ Niki Tobi ní Ilé-Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn sọ ọ̀rọ̀ líle sí oli-ekpe, ó ní àṣà tó ń fi obìnrin sílẹ̀ lófo kò yẹ ọmọ ènìyàn. Gbogbo ayé pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ẹjọ́ náà dé òkè ní 2004, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ gbà pé ọmọ arákùnrin náà kò jàre, nítorí pé àṣà kola ló darí ilẹ̀ yẹn, kì í ṣe oli-ekpe. Ṣùgbọ́n wọ́n bá Tobi wí: àwọn tó ń jà kò gbé ọ̀rọ̀ pé oli-ekpe burú wá síwájú rẹ̀, kò sì yẹ kó dá ohun tí wọn kò bi í.

Ẹni tó bá ń ka ọ̀rọ̀ Tobi fún adájọ́ gẹ́gẹ́ bí òfin tó de é lẹ́yìn 2004, àsọkún ló ń kà. Ìyẹn kò ní kó má wúlò. Ní 2014, nínú ẹjọ́ Ukeje, tó ti Èkó bẹ̀rẹ̀, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ gba ọ̀nà mìíràn dé ibi tó jọ ti Tobi. Wọ́n ní àṣà Ìgbò tó ń yọ ọmọbìnrin kúrò nínú ogún bàbá rẹ̀ tako abala 42, nítorí náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ohun tí wọ́n bi wọ́n gan-an ni wọ́n dáhùn, ìdáhùn náà sì ń de gbogbo ilé-ẹjọ́ tó kù.

Ṣé ẹjọ́ Ukeje kan àwa Yorùbá?

Kókó rẹ̀ kàn wá, torí pé ìwé òfin orílẹ̀-èdè ni wọ́n fi gbé e ró. Ṣùgbọ́n kò yí ìdí-igi padà. Ní ti àṣà Èkó, ọmọbìnrin ti ń jogún kí Ukeje tó dé: láti 1908, nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole, ni ilé-ẹjọ́ ti gbà pé obìnrin lè jẹ́ olórí ẹbí.

Báwo ni lọ́yà ṣe ń yọ ẹsẹ̀ kúrò nínú ìdájọ́ tí kò fẹ́?

Á fi hàn pé ìtàn ẹjọ́ àtijọ́ àti ti tòní yàtọ̀ síra níbi tó ṣe pàtàkì. Kò ní sọ pé ìdájọ́ náà kò tọ́. Ohun tó máa sọ ni pé kì í ṣe irú wa ni wọ́n ṣe é fún.

Ẹ wo ẹjọ́ Cole, Èkó, 1898. Ọmọ Èkó kan gbéyàwó nílànà ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì kú láì ní wíìlì. Arákùnrin rẹ̀ ní àṣà ló yẹ kí wọ́n fi pín ogún. Ilé-ẹjọ́ ní rárá, ẹni tó bá gbéyàwó nílànà Kìrìsìtẹ́nì ti bọ́ sábẹ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì. Fún ọdún mélòó kan, ó dà bíi pé gbogbo ẹni tó bá ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì gbéyàwó ti kúrò lábẹ́ àṣà. Nígbà tó di 1924, nínú ẹjọ́ Smith, àkọ́bí ọkùnrin fẹ́ fi òfin Gẹ̀ẹ́sì ìgbà yẹn dá gba ilé bàbá lọ́wọ́ àwọn àbúrò rẹ̀. Adájọ́ kò fagi lé Cole. Ó ní ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì nìkan kò tó. Ẹ gbọ́dọ̀ wo bí olóògbé ṣe gbé ìgbé ayé rẹ̀, àti ọwọ́ tí ẹbí fi mú ilé náà. Ẹbí Smith ti ń lo ilé yẹn bí ilé ẹbí, nítorí náà àṣà ló darí rẹ̀. Cole ṣì wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n ibi tó lè dé ti kúrú. (Lónìí, òfin ìpínlẹ̀ lórí ogún ti sọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe fún ẹni tó gbéyàwó ní kóòtù. Níbi tí irú òfin bẹ́ẹ̀ bá ti sọ̀rọ̀, ìdájọ́ àtijọ́ á yà fún un.)

Ẹjọ́ Olowu, 1985, tún wà. Ìjẹ̀ṣà ni bàbá náà, ṣùgbọ́n Bìní ló gbé dàgbà, ó sì ti di ọmọ Bìní kó lè ní ilẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn kan nínú àwọn ọmọ ní àṣà Yorùbá ni kí wọ́n fi pín ogún. Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní àṣà Bìní ni. Gbogbo ìdájọ́ lórí ogún Yorùbá tó wà nílẹ̀ kò wúlò fún àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, nítorí pé bàbá wọn kì í ṣe Yorùbá mọ́ lójú òfin. Ìbéèrè tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáhùn ni àṣà ta ni; ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdájọ́.

Ṣé a ṣì ní láti kó àgbààgbà wá jẹ́rìí lórí àṣà?

Tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Ilé-ẹjọ́ máa ń fẹ́ kí wọ́n ti fìdí àṣà múlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà kó tó gbà á láìsí ẹlẹ́rìí. Òfin Ẹ̀rí ti 2011, abala 17, ní bí ilé-ẹjọ́ tí òfin kà sí àgbà bá ti dá ẹjọ́ lórí àṣà kan lẹ́ẹ̀kan péré, adájọ́ lè gbà pé àṣà náà wà. Mo ní ẹ̀hónú díẹ̀ níbí. Àṣà ń yí padà, ìwé kì í yí padà. Àṣà ìlú kan náà kò sì ní láti jẹ́ ti ìlú kejì. Nítorí náà, bí ẹ bá mọ̀ pé àṣà tiyín yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú ìdájọ́, ẹ má jókòó tẹtẹrẹ: ẹ kó ẹlẹ́rìí yín wá ní ilé-ẹjọ́ àkọ́kọ́. Tó bá di ọ̀rọ̀ kòtẹ́milọ́rùn, ó ti pẹ́ jù láti mú ẹ̀rí tuntun wá.

Báwo ni mo ṣe lè mọ ibi tí ìdájọ́ kan wà?

Ẹ wo ẹjọ́ Olowu, báyìí ni wọ́n ń kọ ọ́:

```
Olowu v. Olowu (1985) 3 NWLR (Pt. 13) 372
```

1985 ni ọdún, 3 ni nọ́ńbà ìdìpọ̀, 13 ni apá, 372 ni ojú-ìwé tó ti bẹ̀rẹ̀. NWLR ni orúkọ ìwé ìròyìn ẹjọ́ tí Gani Fawehinmi dá sílẹ̀. Ẹ má fi àkópọ̀ kúkúrú tó wà níbẹ̀rẹ̀ tó o: àwọn olóòtú ló kọ ọ́, kì í ṣe adájọ́.

Bí ìdájọ́ òkè méjì bá ta kora ńkọ́?

Ti Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ tó dé kẹ́yìn ni àwọn ìsàlẹ̀ ń tẹ̀ lé. Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé wọ́n ta kora lóòótọ́ ṣá. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìtàn wọn ló yàtọ̀.

Adájọ́ ìsàlẹ̀ lè kọ̀ láti tẹ̀ lé ìdájọ́ tó rí pé kò tọ́?

Kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lè kọ ọ́ sínú ìdájọ́ rẹ̀ pé òun kò fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n á tẹ̀ lé e. Nínú ẹjọ́ Dalhatu àti Turaki ní 2003, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fi ọ̀rọ̀ gbígbóná bá adájọ́ ìsàlẹ̀ wí nítorí pé ó fo ìdájọ́ tó ti wà nílẹ̀ láti 1983 lórí yíyan olùdíje nínú ẹgbẹ́ òṣèlú.

Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó lè gbé ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ mì?

Ó lè ṣe é, ṣùgbọ́n kì í yá a lára. Ìwé òfin 1979 sọ pé adájọ́ gbọ́dọ̀ dá ẹjọ́ láàárín oṣù mẹ́ta tí lọ́yà méjèèjì bá ti sọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ní 1984, nínú ẹjọ́ Ifezue àti Mbadugha, ilé-ẹjọ́ náà ní ìdájọ́ tó bá kọjá oṣù mẹ́ta, òfo ni. Àwọn tó ti jàre lẹ́yìn ọdún gbọọrọ wá rí i pé ìdájọ́ wọn ti di asán, nítorí pé adájọ́ pẹ́, kì í ṣe nítorí pé àwọn ṣẹ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nínú ẹjọ́ Odi àti Osafile, wọ́n ní kí ilé-ẹjọ́ náà pa Ifezue tì. Àwọn adájọ́ sọ ìgbà tí wọ́n lè yí padà: tí ìdájọ́ àtijọ́ bá tako ìwé òfin orílẹ̀-èdè, tí wọ́n bá ti dá a láì rántí òfin, tàbí tó bá ti di ohun èlò ìwà àìtọ́. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ̀ láti pa á tì. Ohun tí ìwé òfin sọ ló wà níwájú wọn, bó bá sì ń dunni, ẹni tó ń ṣòfin ló ni àtúnṣe.

Ìjọba ológun sì ṣe àtúnṣe náà ní 1985. Ó ti wọnú ìwé òfin 1999 báyìí: abala 294 fún adájọ́ ní àádọ́rùn-ún ọjọ́, ṣùgbọ́n wọn kò ní fagi lé ìdájọ́ nítorí pé ó pẹ́ nìkan. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n fagi lé e gbọ́dọ̀ fi hàn pé pípẹ́ náà mú kí wọ́n rẹ́ òun jẹ, bí àpẹẹrẹ pé adájọ́ ti gbàgbé bí àwọn ẹlẹ́rìí ṣe sọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀, tí ìyẹn sì hàn nínú ohun tó kọ.